Ilẹ̀ Tí A Kò Rí: Ìdánwò Hausman Nínú Ìṣirò Ìdàgbàsókè

Ká ní àgbẹ̀ méjì ń gbin àgbàdo. Èkíní ń da àpò ajílẹ̀ mẹ́wàá sóko, èkejì ń da mẹ́ta. Nígbà ìkórè, ti èkíní pọ̀ ju ti èkejì lọ fíìfíì. Ṣé ajílẹ̀ ló ṣe é? Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ èkíní ló ti lọ́ràá tẹ́lẹ̀, òun ló sì ń kì í láyà láti náwó sórí ajílẹ̀. Bí a bá fi oko kan wé èkejì, a óò gbé iṣẹ́ ilẹ̀ fún ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi oko kan wé ara rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ilẹ̀ ò yí padà, kò sì lè tàn wá jẹ. Yair Mundlak ṣe irú ìṣirò yìí lórí àwọn oko ní Ísírẹ́lì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1961.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi orílẹ̀-èdè rọ́pò oko. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ń lé àwọn olówó bá? Lọ́dún 1992, Mankiw, Romer àti Weil fi orílẹ̀-èdè wé orílẹ̀-èdè, wọ́n rí i pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń dí nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo tó wà láàárín òun àti ibi tó ń lọ lọ́dọọdún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò gbà tó ọdún 35 kí ìdajì àlàfo náà tó dí. Àmọ́ orílẹ̀-èdè náà ní “ilẹ̀” tirẹ̀ tí a kò rí: ọ̀nà ìṣèjọba, ìmọ̀ iṣẹ́, òfin.

Ọ̀nà méjì la lè gbà bá ilẹ̀ yìí lò nígbà tí a bá ní ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́. Ipa àdúró máa ń fi orílẹ̀-èdè wé ara rẹ̀ nìkan. Ó dára, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí kì í yí padà a pa rẹ́: pé Niger àti Burkina Faso kò ní etíkun, ìṣirò yìí ò lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ipa èèṣì ní tirẹ̀ gbà pé ilẹ̀ dà bí ìbò tí wọ́n ṣẹ́, tí kò bá owó ìdókòwò tàbí ọrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tan. Ó ń lo ìfiwéra inú àti ti ìta pọ̀, nítorí náà ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ kéré.

Lọ́dún 1978 ni Jerry Hausman mú ìdánwò rẹ̀ wá. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ èèṣì lóòótọ́, ìdáhùn méjèèjì yóò sún mọ́ra. Bí wọ́n bá jìnnà síra ju bí àṣìṣe lásán ṣe lè jìn wọ́n lọ, ipa èèṣì ló ń ṣì wá lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí mo hun fúnra mi wò ó. Òǹkà ọrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ -0.060 lábẹ́ ipa àdúró, ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ 0.020, lábẹ́ ipa èèṣì ó jẹ́ -0.020, ìwọ̀n àṣìṣe 0.012. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.040, sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, o rí 0.0016. Sọ ìwọ̀n àṣìṣe méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó kù 0.000256. Pín in, ó jẹ́ 6.25. Ààlà rẹ̀ fún òǹkà kan ṣoṣo jẹ́ 3.84. A ti kọjá rẹ̀. A kọ ipa èèṣì. Nínú Stata, àṣẹ rẹ̀ rèé:

```
xtset country period
xtreg growth lny0, fe
estimates store fe
xtreg growth lny0, re
estimates store re
hausman fe re
```

`fe` ni kó ṣáájú. Nígbà mìíràn, bí òǹkà bá pọ̀, ìdáhùn a jáde ní òdì, ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ìyọkúrò yẹn ló dàrú, kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. Bí ìwọ̀n àṣìṣe ipa àdúró bá sì tóbi púpọ̀, ìdánwò ò ní rí ìyàtọ̀ kankan, bó tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Nínú ìṣirò ìdàgbàsókè, mo rò pé ẹjọ́ ipa èèṣì ti parí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yẹn ni. Báwo la ṣe fẹ́ sọ pé wọn ò tan? Nazrul Islam rí èyí nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1995, lórí ọdún 1960 sí 1985 tó pín sí ọdún márùn-ún márùn-ún. Ó kọ ipa èèṣì, ìyára àlébá tó sì rí pọ̀ ju ìdá méjì náà lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ipa àdúró náà lẹ́bi. Stephen Nickell ti fi hàn lọ́dún 1981 pé bí sáà bá kéré, ìfiwéra inú a máa mú kí àlébá dà bí èyí tó yára ju bó ṣe rí lọ. Sáà márùn-ún péré ni Islam ní fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Hausman ò lè rí àléébù yìí, nítorí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ipa àdúró jàre. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé kan tó ní ìdánwò náà ti yan ipa àdúró fún òun, ẹ wo iye sáà tó lò kí ẹ tó gba ìyára tó kọ síbẹ̀.