Ohùn Yánníbo láti Inú Wọ́dúróòbù

Nínú kátúùnù, ohùn ló sábà máa ń ṣáájú àwòrán. Òṣèré á ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí ayàwòrán tó mọ bí ẹnu ẹ̀dá inú eré yóò ṣe là àti ìgbà tí ojú rẹ̀ yóò le. Bí ohùn bá ti bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa fara gbá a. Nígbà tí àrùn kòrónà sé aráyé mọ́lé lọ́dún 2020, ilé ni àwọn òṣèré kátúùnù ńláńlá ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárín aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sí wọ́dúróòbù.

Aṣọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ó ju máìkì olówó ńlá lọ. Nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìsì, ohùn á kọlu ògiri, á sì padà wá bá máìkì. A kì í fura nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, ṣùgbọ́n bí Ìjàpá bá wà nínú igbó tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó wà ní balùwẹ̀, òǹwòran ò ní gbà á gbọ́. Ariwo fáànù tó ń dún bákan náà ṣeé dín kù lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn tó ti ara ògiri padà kò rí bẹ́ẹ̀, torí ó ti wọnú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan: bí o bá gbọ́ tí nǹkan dún gbọ̀n-ọ́n lẹ́yìn ọwọ́ rẹ, kúrò níbẹ̀. Kọjú sí aṣọ tó kún wọ́dúróòbù, kí o sì gbé mátíráàsì dúró sẹ́yìn rẹ, torí ẹ̀yìn òṣèré gan-an ni máìkì kọjú sí. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan.

Kí máìkì jìnnà sí ẹnu tó ọwọ́ kan tí a là, nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà, kó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Lójú ẹ̀rọ, kí ibi tí ọ̀rọ̀ ga dé wà láàárín -12 dB sí -6 dB. Ohùn tó bá kan 0 dB ti fọ́, kò sì ní àtúnṣe gidi.

Ní ti olùdarí tó wà nílùú mìíràn, ohun tó ń gbọ́ lórí Zoom kọ́ ni iṣẹ́. Ìpè orí ẹ̀rọ máa ń fún ohùn pọ̀, ó sì máa ń gé ohun tó bá pè ní ariwo dànù, nígbà míì pẹ̀lú ìparí ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà òṣèré ni kó gba ojúlówó ohùn náà sílẹ̀, ní WAV, 48 kHz, 24-bit. Kí òṣèré fi íapíìsì sétí, kí ohùn olùdarí má baà jò sínú máìkì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlà kan: Yánníbo ń wá irinṣẹ́ oko rẹ̀, ó ní, “Ọkọ́ mi dà?” Olùdarí tó mọṣẹ́ kò ní sọ ìlà náà kí òṣèré sín in jẹ, ọ̀rọ̀ àsínjẹ kì í lẹ́mìí. Ohun tó máa sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, Ìjàpá wà lódìkejì odò. Àárọ̀ lẹ ti ń wá a, òjò sì ti ṣú.” Kí òṣèré wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, láìdúró.

Ibi tí èdè wa ti le nìyí. Yánníbo ní ohùn tín-ín-rín, ó sì ń kígbe. Bí ohùn òṣèré bá ti ga dé ibi tí kò lè ga mọ́, ohùn àárín á bá ohùn òkè dọ́gba, “ọkọ́” á sì di “ọkọ”. Obìnrin tó ń wá irinṣẹ́ wá di ẹni tó ń wá Ìjàpá! Olùdarí lè má gbọ́ ọ, torí ìwé eré wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń bá etí rẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Kó ṣíjú kúrò lára ìwé, tàbí kó bi ẹni tí kò ka eré náà pé kí ló gbọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí òṣèré bẹ̀rẹ̀ ìlà náà nísàlẹ̀ díẹ̀, kí àyè lè wà lókè fún “kọ́”. Kó sún sẹ́yìn lára máìkì, kó sì fi agbára ikùn kígbe dípò kó máa fa ohùn sókè.

Igbe àti ẹkún tó le la máa ń fi kẹ́yìn, torí wọ́n ń ha ọ̀fun. Lẹ́yìn wọn, kí òṣèré dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ̀rọ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà. Òun ni a ó fi dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Kó tó pa ìpè, kó fi fáìlì kan ránṣẹ́, bíi Yannibo_14_3.wav, kí olùdarí fi íapíìsì gbọ́ ọ délẹ̀. Bí fíríìjì bá ń kùn nínú rẹ̀, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀, kí wọ́n sì tún ìlà náà gbà lójú ẹsẹ̀, torí ohùn ọ̀la kì í bá tòní mu.