Bí Omi Méjì Tó Mọ́ Ṣe Ń Di Funfun

Rọ omi bọ́ọ̀hóòlù díẹ̀ sínú tẹ́sì-túùbù, kí o sì kán omi fàdákà náítíréètì sí i. Lóòótọ́, méjèèjì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá wà nínú omi náà, ojú ẹsẹ̀ ni yóò funfun bí omi ògì. Tó bá pẹ́ díẹ̀, funfun náà á sọ̀ kalẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹni tó mọ òfin yíyòrò ti lè sọ èyí kó tó kán ohunkóhun.

Iyọ̀ tó ti yòrò kì í wà ní odidi mọ́. Ó ti pín sí áyọ́nù, kálukú sì ń dá rìn nínú omi. Omi bọ́ọ̀hóòlù wa gbé Na⁺ àti Cl⁻ wá, fàdákà náítíréètì gbé Ag⁺ àti NO₃⁻ wá. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹnìkejì, Na⁺ lè bá NO₃⁻ lọ, kí Ag⁺ bá Cl⁻ lọ. Òfin sọ pé gbogbo náítíréètì ló ń yòrò, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iyọ̀ sódíọ́ọ̀mù tí a sábà ń lò. Kílóráìdì náà ń yòrò, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ bíi ti fàdákà àti ti òjé. A ti rí i nìyẹn: fàdákà kílóráìdì ni yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ gbogbo wọn sílẹ̀:

Ag⁺ + NO₃⁻ + Na⁺ + Cl⁻ → AgCl + Na⁺ + NO₃⁻

A kọ AgCl ní odidi nítorí ó ti kúrò nínú omi. Na⁺ àti NO₃⁻ wà níbẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láìyí padà. Òǹwòran ni wọ́n, a ó pa wọ́n rẹ́:

Ag⁺ + Cl⁻ → AgCl

Ìdọ́gba kúkúrú yìí ló wù mí jù, nítorí ó sọ ohun tí ìdánwò náà lè jẹ́rìí sí gan-an. Sódíọ́ọ̀mù kò sí nínú rẹ̀. Ì báà jẹ́ pótáṣíọ́ọ̀mù ló gbé Cl⁻ wá, funfun kan náà la ó rí.

Kábónéètì náà lè tàn wá jẹ, torí òun àti fàdákà kì í yòrò pọ̀:

2Ag⁺ + CO₃²⁻ → Ag₂CO₃

Ag⁺ méjì la nílò, kí iná méjì tí CO₃²⁻ gbé lè bára mu. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ kán ásíìdì náítíríìkì tí a ti là sí omi náà, kí kábónéètì lè hó jáde bí gáàsì CO₂. Ásíìdì haidirokilóríìkì kò dára níhìn-ín rárá: òun fúnra rẹ̀ ní Cl⁻, omi tí kò ní iyọ̀ kankan yóò sì funfun.

Òfin náà kò sì sọ iye. Fàdákà kílóráìdì ń yòrò díẹ̀, bíi mílígíráàmù 2 nínú lítà omi 1 ní 25°C, nítorí náà Cl⁻ tó kéré jọjọ lè wà nínú omi kí ojú wa má rí i.