Nọ́ńbà Tuntun Wọlé, Ti Àtijọ́ Kò Jáde

Bí òbí bá pààrọ̀ síìmù, olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ló sábà máa ń sọ fún: "Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ńbà mi tuntun nìyí." Olùkọ́ á tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà nínú ìwé ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí ibà bá dé sí ọmọ ní kíláàsì, òun ni akọ̀wé yóò pè.

Nọ́ńbà tí a pa tì kì í ṣòfò. Lábẹ́ ìlànà àjọ NCC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ lè ti síìmù tí ẹnikẹ́ni kò ná owó lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gba nọ́ńbà náà, kó sì di ti ẹlòmíràn. Àjèjì yẹn ni yóò máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ nípa owó ilé ìwé àti èsì ìdánwò. Èyí tó léwu jù ni pé bí òun fúnra rẹ̀ bá pe ilé ẹ̀kọ́, "Màmá Lágbájá" ni yóò hàn lójú fóònù akọ̀wé. Bó bá ní kí wọ́n fa ọmọ lé àbúrò òun lọ́wọ́, ta ni yóò bi í léèrè?

Ìdí nìyí tí lẹ́tà tó yẹ kí òbí kọ fi ní ẹ̀bẹ̀ méjì nínú: kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n sì yọ àtijọ́ kúrò. Ẹ̀bẹ̀ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan n'Ìbàdàn tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹrin. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni tirẹ̀ yóò jẹ́. Lẹ́yìn àdírẹ́sì, déètì àti ìkíni sí ọ̀gá àgbà, ohun tó kù kò ju báyìí lọ:

"Ìyípadà nọ́ńbà fóònù: Lágbájá, Kíláàsì Kẹrin B.

Èmi ni ìyá ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí. Láti òní lọ, nọ́ńbà mi ni 080… 417. Mi ò lo 070… 952 tó wà lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìgbàwọlé, rẹ́jísítà kíláàsì, ibi tí ẹ ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹgbẹ́ Wasáàpù àwọn òbí àti ìwé awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í pè yín nítorí ọmọ mi, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Nọ́ńbà bàbá rẹ̀ kò yí padà."

Kó buwọ́ lù ú, ó parí. Nínú lẹ́tà gidi, kí ó kọ nọ́ńbà méjèèjì pé, oókan 11, kó sì fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn kí ẹni tó ń dà á kọ má baà ka 1 sí 7. Nọ́ńbà àtijọ́ wúlò nínú lẹ́tà náà, nítorí òun ni akọ̀wé yóò fi mọ àkọsílẹ̀ tí yóò tún ṣe bí ọmọ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí ọmọ rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀, kó dárúkọ gbogbo wọn.

Gbájúẹ̀ náà lè kọ irú lẹ́tà yìí. Nítorí náà ló ṣe dára kí òbí mú un lọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ́kọ́ pe bàbá láti wádìí, kí ìyá má bínú. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí lọ́dún 2023 fún òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ tí kò bá àkókò mu ṣe. Lóòótọ́, a kì í ya fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé dànù. Kí wọ́n fa ìlà kan la nọ́ńbà àtijọ́ já, kí wọ́n kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tó.

Báwo ni òbí yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é? Bí síìmù àtijọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má tíì jù ú nù. Kó bẹ akọ̀wé pé kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìdánwò ránṣẹ́ láti inú àkọsílẹ̀ wọn. Bó bá dé orí tuntun nìkan, iṣẹ́ ti parí. Bó bá dé orí méjèèjì, wọ́n fi kún un ni, wọn ò yọ ti tẹ́lẹ̀. Bí síìmù bá ti sọnù, kó ní kí akọ̀wé ṣí àkọsílẹ̀ náà níwájú òun.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti pààrọ̀ nọ́ńbà láti ìgbà tí ọmọ yín ti wọlé, ẹ béèrè lọ́sẹ̀ yìí pé nọ́ńbà wo ló wà lórúkọ yín ní ọ́fíìsì.