Ṣé Kọfí Àárọ̀ Máa Ń Ba Iṣẹ́ Kíréátìnì Jẹ́?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé irin ní jíìmù ló ń lo kíréátìnì, ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ni kì í kúrò nílé láàárọ̀ láì mu kọfí. Ọ̀rọ̀ kan sì ti ń jà ràn-ìn láàárín wọn tipẹ́: pé bí èèyàn bá ti mu kọfí, owó tó fi ra kíréátìnì ti wọgbó. Àwọn kan pa kọfí tì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ aago, kí méjèèjì má baà pàdé nínú ikùn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé wáyé, ìwádìí kan ló bí i. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìwádìí ọ̀hún wò dáadáa, a ó rí i pé ohun tó sọ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń gbé kiri.

Bí kíréátìnì ṣe ń ṣiṣẹ́

Kíréátìnì kì í ṣe àjèjì sí ara. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ń ṣe nǹkan bíi gíráàmù kan rẹ̀ lójúmọ́, a sì ń rí díẹ̀ sí i nínú ẹran àti ẹja tí à ń jẹ. Inú iṣan ara ni èyí tó pọ̀ jù lọ ń gbé, nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti ran èròjà tí wọ́n ń pè ní ATP lọ́wọ́. ATP ni iṣan ń ná nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, èyí tó sì wà nílẹ̀ kì í pẹ́ tán rárá bí èèyàn bá sá eré àsápajúdé tàbí tó gbé irin wúwo. Kíréátìnì tó ti so mọ́ fọ́sífétì nínú iṣan ló ń yára dá ATP padà, kí èèyàn lè gbé irin náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì sí i kó tó rẹ̀ ẹ́.

Kókó tó yẹ ká dì mú ni pé kíréátìnì kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kún inú iṣan. Ní 1996, Eric Hultman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tó bá ń mu 20 gíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ 6, àti ẹni tó ń mu 3 gíráàmù péré lójúmọ́ fún ọjọ́ 28, ibì kan náà ni wọ́n ń bá a dé: kíréátìnì inú iṣan wọn á fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bó bá sì ti kún, tí èèyàn wá dáwọ́ dúró, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó padà sí bó ṣe wà. Ó dà bí àmù tí wọ́n ń pọnmi sí lójoojúmọ́: omi tí à ń bù níbẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí a pọn láàárọ̀ yìí nìkan.

Kaféènì inú kọfí kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, ó sì ń dí ojú ibi tí èròjà adẹnosíìnì ń gbà sọ fún wa pé ó ti rẹ̀ wá. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ti kúrò lára. Ojú ọ̀nà àwọn méjèèjì kò sì pa pọ̀. Ẹnu ọ̀nà kan wà lára iṣan tó jẹ́ ti kíréátìnì, kaféènì kò nílò rẹ̀ láti wọlé. Nítorí náà wọn kì í ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwádìí tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀

Ní ìlú Leuven ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, K. Vandenberghe, Peter Hespel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde ní 1996. Ọkùnrin 9 ló kópa. Ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ìyẹ̀fun tí kò ní nǹkan nínú, ó lo kíréátìnì nìkan, ó sì lo kíréátìnì pẹ̀lú kaféènì. Ọjọ́ 6 ni wọ́n fi lo kíréátìnì nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kaféènì bá wọ̀ ọ́, ọjọ́ 3 ni wọ́n fi ń lo òun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn agbára tí wọ́n fi ń na orúnkún wọn léraléra.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó wọn 70 kílò wo iye tí wọ́n lò. Kíréátìnì jẹ́ ìdajì gíráàmù fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, èyí tó já sí 35 gíráàmù lójúmọ́. Kaféènì jẹ́ mílígíráàmù 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ó já sí 350. Ife kọfí tí wọ́n ń fi ṣíbí kékeré kan po nínú omi gbígbóná máa ń ní nǹkan bíi mílígíráàmù 60. Ẹni yìí yóò mu ife bíi mẹ́fà lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kó tó dé iye tí wọ́n lò ní Leuven. Ife kan láàárọ̀ kò sún mọ́ ọn rárá.

Èsì rẹ̀ wá rèé. Nígbà tí wọ́n lo kíréátìnì nìkan, agbára orúnkún wọn fi ìdá 10 sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Nígbà tí wọ́n fi kaféènì kún un, àlékún yẹn kò yọjú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri ti wá. Àmọ́ ìwádìí kan náà tún wọn kíréátìnì tó so mọ́ fọ́sífétì nínú iṣan, ó sì pọ̀ sí i nínú ọ̀nà méjèèjì, bóyá kaféènì wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Èyí fi yé wa pé kaféènì kò lé kíréátìnì sẹ́yìn. Ó wọlé, ó sì jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ ká kíyè sí: wọn kò dán kaféènì nìkan wò. Nítorí náà a kò lè fi ìwádìí yẹn nìkan sọ bóyá àpapọ̀ àwọn méjèèjì ló fa èsì náà, tàbí kaféènì fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lára iṣan.

Ní 2002, Hespel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé kíréátìnì máa ń jẹ́ kí iṣan tètè dẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti fún, kaféènì sì máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó dẹ̀. Kí iṣan tó lè fún, kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ tú jáde nínú rẹ̀. Kó tó lè dẹ̀, ara gbọ́dọ̀ kó kálísíọ̀mù náà padà sáyè rẹ̀, ATP ni ó sì ń ná láti kó o. Kíréátìnì ń mú kíkó yìí yá. Kaféènì ní tirẹ̀ lè jẹ́ kí kálísíọ̀mù máa tú jáde. Bí ẹni ń na orúnkún, tó ń tún un ká lọ́pọ̀ ìgbà láìsinmi, dídẹ̀ iṣan ṣe pàtàkì gan-an, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìkọlù náà fara hàn níbẹ̀.

Ohun tí àwọn ìwádìí mìíràn sọ

Ṣáájú ìwádìí Leuven, ní 1993, Paul Greenhaff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nottingham ti fún àwọn èèyàn ní kíréátìnì tí wọ́n pò mọ́ tíì tàbí kọfí lílọ́wọ́ọ́wọ́. Agbára àwọn èèyàn náà sì lé sí i. Ká ní kọfí ń pa kíréátìnì ni, ibẹ̀ gan-an ni ìbá ti hàn.

Ní 2002, Mike Doherty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn sárésáré kọ́kọ́ fi kíréátìnì kún iṣan wọn, wọ́n wá fún wọn ní kaféènì lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó sáré. Wọ́n pẹ́ lórí eré ju ìgbà tí wọn kò lo kaféènì lọ. Kaféènì ẹ̀ẹ̀kan ṣáájú eré ìdárayá kò ba kíréátìnì tó ti wà nílẹ̀ jẹ́.

Òtítọ́ ni pé gbogbo ìwádìí kò sọ ohun kan náà. Ní Kánádà, ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi ọ̀sẹ̀ 6 tẹ̀ lé èèyàn 28 tó ń gbé irin, kaféènì wọn sì jẹ́ mílígíráàmù 3 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó lo kíréátìnì nìkan ni iṣan iwájú itan wọn ki sí i, ti àwọn tó pa méjèèjì pọ̀ kò ki. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín èèyàn 28 yẹn sí, èyí tó mú kí iye ẹni tó wà ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kéré jù láti fi dájọ́. Síbẹ̀, ó tó láti kìlọ̀ fún ẹni tó ń lo kaféènì rẹpẹtẹ lójoojúmọ́, kì í ṣe ẹni tó ń mu ife kan láàárọ̀.

Bí a ṣe lè lò wọ́n

Gíráàmù 3 sí 5 kíréátìnì lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbàkígbà tó bá rọrùn fún wọn. Bí ó bá wu èèyàn láti pò ó mọ́ kọfí, kò burú, nítorí omi tó gbóná máa ń yọ́ ọ ju omi tútù lọ. Kó sáà mu ún tán. Bí kíréátìnì bá pẹ́ nínú omi, pàápàá omi kíkan, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa di kíréátínínì tí kò wúlò fún iṣan.

Ikùn ni ìjà ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Kọfí nìkan ti ń ru ìfun àwọn kan sókè, kíréátìnì tí kò yọ́ tán sì máa ń fa omi sínú ìfun. Ẹni tí inú bá ń run tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn tó mu méjèèjì pọ̀, kó gbé kíréátìnì lọ sí ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, kó má sì lo gíráàmù 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ikùn ló ń bẹ̀bẹ̀ yẹn, agbára kíréátìnì kò lọ síbì kankan.

Ohun tó yẹ ká máa ṣírò dáadáa ni àpapọ̀ kaféènì ọjọ́ kan. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó gbé irin lè ní mílígíráàmù 200 tàbí 300 nínú ìwọ̀n kan ṣoṣo, èyí sì sún mọ́ iye tí wọ́n lò ní Leuven ju ife kọfí lọ. Ohun mímu agbára inú agolo náà ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni obì, àbàtà àti gbànja, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ láì kà á mọ́ kaféènì. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù gbà pé mílígíráàmù 400 lójúmọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, 200 sì ni fún aláboyún. Ẹni tó bá sì ń lò ó nírọ̀lẹ́ yóò fi oorun rẹ̀ san án, oorun sì ni iṣan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá kíréátìnì ń ṣiṣẹ́ lára òun, kó wo ìwọ̀n ara rẹ̀ àti irin tó ń gbé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 gíráàmù lójúmọ́ lè fi kílò kan tàbí méjì wúwo sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí omi tó ń bá kíréátìnì wọ iṣan. Ẹni tó ń lo 3 gíráàmù yóò ní sùúrù tó oṣù kan. Lẹ́yìn náà, irin tó ń gbé lẹ́ẹ̀mẹjọ lè di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bí kò bá rí ìyàtọ̀ kankan, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń pa ọjọ́ jẹ, nítorí èyí ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan sì wà tí iṣan wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀, tí wọn kò ní rí àlékún púpọ̀, bóyá wọ́n mu kọfí tàbí wọn kò mu ún.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá pé, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó sọ fún wọn pé òun ń lo kíréátìnì, nítorí ó lè gbé iye kíréátínínì inú ẹ̀jẹ̀ sókè, tí yóò fi dà bíi pé kíndìnrín ń ṣàìsàn nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ń mu ife kan tàbí méjì láàárọ̀, kò sí ìdí tó fi yẹ kó yan ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì. Ohun tó yẹ kó ṣọ́ ni pé kó má pa kíréátìnì jẹ lọ́jọ́ kankan, kí kaféènì má sì kọjá ìwọ̀n.