Bọ́ńdì Tí A Rà Lọ́wọ̀n-ọ́n: Èló Ni Èlé, Èló Ni Ojú Owó?

Ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan, akápò dìde, ó ní ẹgbẹ́ ti ta bọ́ńdì ìjọba tó wà lọ́wọ́ wọn, èrè sì wọlé. "Ẹ̀yin ará, bọ́ńdì mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni. ₦10,200,000 ló wọ báńkì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni èrè wa." Ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nawọ́ sókè. "Akápò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé mílíọ̀nù mẹ́wàá náà la rà á?" Akápò tú ìwé wò. "Rárá, mà. ₦10,476,654 la san." Ni ẹnì kan bá ké láti ẹ̀yìn pé kí ló ń jẹ́ èrè, àdánù ₦276,654 nìyẹn!

Èmi ni wọ́n pè wá ka ìwé owó wọn lọ́dún náà. Mo ti yí iye owó náà padà níbí kí ìṣirò lè rọrùn, mo sì ti yọ owó alágbàtà kúrò, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ gan-an nìyí. Akápò ṣìnà. Ẹni tó ké láti ẹ̀yìn náà ṣìnà. Àdánù wà lóòótọ́, ₦421,617 ni, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ náà sì jèrè ju mílíọ̀nù méjì náírà lọ lórí bọ́ńdì yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò takora, a ó sì rí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa san ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ fún ìwé tí wọ́n kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá sí lójú. Bọ́ńdì jẹ́ ìwé pé ìjọba yá owó. Èyí tí ẹgbẹ́ rà ṣèlérí náírà 16 lọ́dún lórí ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba sì ń san án lọ́dún, ₦800,000 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Owó yìí ni àwọn alágbàtà ń pè ní kúpọ́ọ̀nù. Ọdún mẹ́ta ló kù kí bọ́ńdì náà pé. Lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yá ìjọba lówó fún ọdún mẹ́ta kò lè rí ju náírà 14 lórí ọgọ́rùn-ún lọ. Ta ni yóò wá fi èyí tó ń san 16 sílẹ̀? Gbogbo ọjà ló ń wá a, iye rẹ̀ sì ń gòkè títí ó fi dé ibi tí ẹni tó rà á kò fi ní jèrè ju 14 tí àwọn yòókù ń jẹ. Ibẹ̀ ni ₦10,476,654 ti wá. ₦476,654 tó lé lórí ojú ìwé ni mo ń pè ní àlékún.

Kì í ṣe ọwọ́ alágbàtà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, ìyẹn DMO, máa ń tún bọ́ńdì àtijọ́ gbé wá sí ọjà. Kúpọ́ọ̀nù rẹ̀ kì í yí padà, nítorí náà bí èlé ọjà bá ti wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tà á, ẹni tó bá rà á yóò san àlékún. Àwọn tó ń ra bọ́ńdì ìfowópamọ́ ìjọba, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 tí ẹnikẹ́ni sì lè fi ₦5,000 rà, kò bá irú rẹ̀ pàdé tí wọ́n bá rà á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí iye ojú ìwé ni wọ́n ń san.

Lọ́jọ́ tí bọ́ńdì bá pé, mílíọ̀nù mẹ́wàá géérégé ni ìjọba yóò dá padà. Kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ọ̀nà wo wá ni àlékún tí ẹgbẹ́ san yóò gbà padà wá? Inú kúpọ́ọ̀nù ni. Nígbàkígbà tí ₦800,000 bá wọlé, apá kan rẹ̀ jẹ́ èlé, apá kan sì jẹ́ ojú owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ tó ń padà bọ̀ wálé. Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò jẹ ojú owó mọ́ èlé láìmọ̀.

Bí a ṣe ń yà wọ́n nìyí. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ di bọ́ńdì mú kó máa gba kúpọ́ọ̀nù títí yóò fi pé. Irú bọ́ńdì bẹ́ẹ̀, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IFRS 9, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2018, gbà pé kí á má ṣe máa sáré tẹ̀lé iye tó ń lọ lọ́jà lójoojúmọ́. Iye tí a rà á la ó kọ sínú ìwé, a ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ gé àlékún rẹ̀ kúrò. Bí èrè gidi bá jẹ́ 14 lọ́dún, 7 ni fún oṣù mẹ́fà. Ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦10,476,654 jẹ́ ₦733,366. Èyí ni èlé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ₦800,000 ló wọlé. ₦66,634 tó kù jẹ́ ojú owó tó padà, a ó yọ ọ́ kúrò lára iye tó wà nínú ìwé, yóò sì di ₦10,410,020.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mìíràn, orí iye tuntun yìí la ó ti ṣírò ìdá 7, a kò ní padà sórí ti àkọ́kọ́ mọ́. Èlé di ₦728,701, ojú owó tó padà di ₦71,299, iye inú ìwé sì wá sí ₦10,338,721. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èlé jẹ́ ₦723,711, ₦76,289 padà, ó ku ₦10,262,432. Ẹ óò rí i pé èlé ń dín, ojú owó tó ń padà sì ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kúpọ́ọ̀nù kò yẹ̀ ní ₦800,000. Bí ẹ bá bá ìṣirò náà lọ dé ẹ̀ẹ̀kẹfà, ₦10,000,000 gan-an ni yóò kù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe wà níbì kan, kí ẹ padà lọ wá a.

Àwọn akọ̀wé owó kan máa ń pín àlékún sí ọgbọọgba, ₦79,442 lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà. Ó yá, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n kò bá òtítọ́ mu, nítorí ó ń mú kó dà bíi pé bọ́ńdì kan náà ń pa èrè tó ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìdá kan ṣoṣo, tó dúró lójú kan láti ọjọ́ tí a rà á, ni ìlànà ń béèrè. Owó alágbàtà tí mo yọ kúrò níbí náà, inú iye tí a rà á ló yẹ kó wà, ìdá náà yóò sì dín díẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yìí kò ṣe ìkankan nínú gbogbo èyí. ₦800,000 tó bá ti wọlé ni wọ́n ń kọ gẹ́gẹ́ bí èrè, wọ́n sì ń pín in fún ọmọ ẹgbẹ́. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, wọ́n kọ ₦2,400,000 sílẹ̀. Èlé tòótọ́ jẹ́ ₦2,185,778. ₦214,222 tó kù jẹ́ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n pín padà fún ara wọn tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akápò. Ó dùn mí, nítorí kò sí olè níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí títà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn kúpọ́ọ̀nù kẹta, ẹgbẹ́ rí ilẹ̀ kan tó wù wọ́n, owó sì di dandan. Èlé ọjà ti gòkè nígbà náà, bọ́ńdì tó ń san 16 kò wuni mọ́. Irú àyípadà yìí kì í ṣe ohun àjèjì lọ́dọ̀ wa: èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń darí ọjà jẹ́ 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ó sì ti di 27.50 ní oṣù Kọkànlá 2024. Náírà 98 ni ọjà ń san lórí ọgọ́rùn-ún ojú ìwé bọ́ńdì ẹgbẹ́. Ìyẹn jẹ́ ₦9,800,000.

Báwo ni ₦10,200,000 ṣe wá wọ báńkì? Ẹni tó bá ta ewúrẹ́ olóyún kò ní fi oyún inú rẹ̀ tọrẹ. Oṣù mẹ́ta ti kọjá nínú mẹ́fà, ìdajì kúpọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ ti jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹni tó rà á sì ni yóò gba odindi nígbà tí ìjọba bá san án. Nítorí náà ó san ₦400,000 mọ́ iye bọ́ńdì. ₦400,000 yìí kò sí nínú owó títà bọ́ńdì. Owó kúpọ́ọ̀nù ni, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe akápò ti bẹ̀rẹ̀.

Kí á tó mọ àdánù, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìwé dé ọjọ́ tí wọ́n tà á. Èlé oṣù mẹ́fà kẹrin ì bá jẹ́ ₦718,370. Mo pín in sí méjì, ó di ₦359,185. Kúpọ́ọ̀nù oṣù mẹ́ta náà jẹ́ ₦400,000, ₦40,815 sì jẹ́ ojú owó tó padà. Iye inú ìwé wá di ₦10,221,617. Èyí ni a ó fi wé ₦9,800,000. Àdánù jẹ́ ₦421,617.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè ka owó lásán. Kúpọ́ọ̀nù mẹ́ta jẹ́ ₦2,400,000, owó títà jẹ́ ₦10,200,000. Ẹ yọ ₦10,476,654 tí wọ́n san, ó ku ₦2,123,346. Nínú ìwé, gbogbo èlé títí dé ọjọ́ títà jẹ́ ₦2,544,963. Ẹ yọ àdánù ₦421,617, ó ku ₦2,123,346. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù.

Ìyá yẹn bi mí léèrè bóyá ìwé kò ti pa irọ́ fún wọn, nítorí ọjà ti ń já bọ́ bọ́ńdì sílẹ̀ kí wọ́n tó tà á, ìwé kò sì sọ nǹkan kan. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀nà ìṣirò yìí kì í fi ìjábọ́ ọjà hàn, nítorí ẹni tó bá mú bọ́ńdì dé òpin yóò gba owó rẹ̀ pé. Ewu rẹ̀ wà fún ẹni tí owó lè di dandan fún lójijì. Ní ìparí 2022, báńkì Silicon Valley ní Amẹ́ríkà ní irú ìwé gbèsè bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ bí bílíọ̀nù 91 dọ́là sílẹ̀, nígbà tí ọjà kò ní san ju bíi bílíọ̀nù 76 lọ. Nígbà tí àwọn oníbàárà sáré wá gba owó wọn, báńkì náà wó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta 2023.

Títà lẹ́ẹ̀kan nítorí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́ lábẹ́ ìlànà. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ń ta bọ́ńdì púpọ̀ lemọ́lemọ́, kò lè máa sọ fún ọ́dítọ̀ pé ńṣe lòun ń dì í mú láti gba kúpọ́ọ̀nù. Àwọn bọ́ńdì tí ó bá rà lẹ́yìn náà, iye ọjà ni yóò máa fi kọ wọ́n sílẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ra bọ́ńdì ju iye ojú ìwé lọ, ẹ ní kí akápò mú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Bí iye tí wọ́n kọ fún un lọ́dún yìí bá jẹ́ iye kan náà tí wọ́n kọ lọ́dún tó kọjá, ẹ má ì pín èrè kankan.