Ẹsẹ̀ Àga Tó Ṣẹ́, Ẹ Má Kan Ìṣó Mọ́ Ọn

Bí ẹsẹ̀ àga bá ṣẹ́, ìṣó ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ máa ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣó sílẹ̀. Igi tó ṣẹ́ ti là nínú tẹ́lẹ̀, ìṣó yóò kàn tún mú kó là sí i ni. Bí ẹni tó jókòó bá sì ṣe ń yíra padà, bẹ́ẹ̀ ni ihò ìṣó ń fẹ̀, títí àga náà yóò fi tún wó.

Bí igi ṣe ṣẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni iṣan igi máa ń gbà lára ẹsẹ̀ àga. Bí ẹsẹ̀ náà bá ṣẹ́ ní dàgẹ̀rẹ̀, tí ojú tó ṣẹ́ gùn, ẹ̀gbẹ́ iṣan ni gọ́ọ̀mù yóò dì mú, ibẹ̀ ló sì ti ń lágbára jù. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ́ ní ìbú, bí ẹni fi ayùn gé e, ẹnu iṣan ni gọ́ọ̀mù yóò bá pàdé. Ẹnu iṣan a máa fa gọ́ọ̀mù mu, kì í sì í lẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká mú àga ìjẹun kan tí wọ́n fi ìrókò ṣe. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì ṣẹ́ ní dàgẹ̀rẹ̀ láàárín, ojú tó ṣẹ́ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Kí gọ́ọ̀mù tó kàn án rárá, ẹ fi apá méjèèjì kanra ní gbígbẹ. Ẹ má fi sándípépà ra ojú tó ṣẹ́, nítorí ṣákaṣàka ara rẹ̀ ló ń mú kí wọ́n wọnú ara wọn. Bí gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ há a kúrò pátá. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gan.

Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò, irú Tọ́pùbọ́ńdì, tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fi í pa ojú méjèèjì, kó fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n kó kárí. Ẹ ti gbọ́dọ̀ kó kíláǹpù sí ìtòsí, nítorí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ojú gọ́ọ̀mù yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gan.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Ojú tó ṣẹ́ ní dàgẹ̀rẹ̀ máa ń yọ̀ lórí ara wọn bí ẹ bá fún kíláǹpù. Ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà lọ́tùn-ún, òmíràn lósì, kí ẹ fi ọ̀rá tẹ́ àárín pákó àti ẹsẹ̀ àga kí gọ́ọ̀mù má lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ wá fi kíláǹpù méjì fún wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí gọ́ọ̀mù bá yọ wíńníwínní jáde ní gbogbo etí ibi tó ṣẹ́, ó ti tó. Bí kò bá yọ níbì kan, gọ́ọ̀mù kò kárí ibẹ̀. Bó bá sì ń ṣàn, fífún ti pọ̀ jù, ẹ ti ń lé gọ́ọ̀mù tó yẹ kó dúró jáde. Ẹ fi àkísà tútù nù ún. Ẹni tí kò ní kíláǹpù lè la rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́, kó sì wé e mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó kan èèkàn igi. Ẹ fi dírílì lu ihò méjì tó fẹ̀ tó mìlímítà 8, kí wọ́n gba ojú tó ṣẹ́ náà kọjá sínú apá kejì. Ẹ má lu wọ́n lórí ìlà iṣan kan náà, nítorí igi lè là láti ihò kan dé èkejì. Ẹ lẹ tépù mọ́ ẹnu dírílì ní sẹ̀ǹtímítà 3 ààbọ̀, kó má baà lu ẹ̀yìn jáde. Igi líle ni kí èèkàn náà jẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára láti orí dé ìdí, kí afẹ́fẹ́ àti gọ́ọ̀mù rí ọ̀nà jáde. Bí wọ́n bá há sísàlẹ̀ ihò, wọ́n lè la ẹsẹ̀ náà. Bí ẹ bá ń fi òòlù gbá a wọlé, ìró rẹ̀ yóò yí padà nígbà tó bá kan ìsàlẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ fi ayùn gé èyí tó yọ síta, kí ẹ fi sándípépà dán an.

Fún ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ní ìbú, àárín gbùngbùn ni èèkàn gbọ́dọ̀ gbà, láti apá kan bọ́ sí èkejì, ihò méjèèjì sì gbọ́dọ̀ kọjú síra gẹ́lẹ́. Ẹ kan ìṣó kékeré sí àárín ojú kan, ẹ gé orí rẹ̀ kó ku ṣóńṣó, kí ẹ tẹ ojú kejì lé e. Àmì tó bá fi síbẹ̀ ni kí ẹ lu. Ẹ yọ ìṣó náà, kí ẹ lu ojú ihò tirẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lórí rẹ̀ títí wákàtí 24 yóò fi pé. Nígbà òjò, ó dára kó tó ọjọ́ méjì. Bí àlàfo bá wà nígbà tí ẹ fi apá méjèèjì kanra ní gbígbẹ, gọ́ọ̀mù funfun kò ní agbára láti dí i. Àrálódáìtì, tí wọ́n ń po láti inú túùbù méjì, ló lè dí i. Bí ikán bá sì ti jẹ inú ẹsẹ̀ náà, tí èékánná ń wọ igi, káfíńtà ni kó gbẹ́ ẹsẹ̀ mìíràn.