Bí A Ṣe Ń Tún Ọ̀rọ̀ Ìpolówó Ọjà Ṣe Láìda Orí Ẹni Tó Ti Rà Rú

Ẹ jẹ́ ká gbà pé aláró kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, gbé adìrẹ 60 sórí ẹ̀rọ fún títà. Ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán ni pé: "Ojúlówó adìrẹ ẹlẹ́kọ, aró ẹlú, ọ̀pá 5, 15,000 náírà." Ó ti ta 23 nínú rẹ̀ kí oníbàárà kan tó kọ̀wé sí i láti Ìbàdàn: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Aṣọ ti dé ọwọ́ mi, ó sì dára lójú, àmọ́ ẹlẹ́kọ kọ́ lèyí. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ọnà ibẹ̀ mọ́ kedere bíi ti iwájú. Ẹlẹ́kọ kì í rí bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó kọ̀wé yìí mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà sára adìrẹ ẹlẹ́kọ, yálà pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ tàbí páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí lára. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ náà sí, nítorí náà aró a máa ráyè gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ̀yìn á sì dúdú ju iwájú lọ. Àbẹ́là yíyọ́ ní tiẹ̀, bó bá gbóná dáadáa, ó máa ń wọ aṣọ já. Ọnà rẹ̀ á hàn níwájú àti lẹ́yìn, ibi tí àbẹ́là bá sì ti sán, aró á gbabẹ̀ wọlé, á fi ìlà tín-tìn-tín sílẹ̀. Aró tún wà níbẹ̀. Ewé ni ẹlú, wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Aró pàùdà tí wọ́n ń pò mọ́ kọ́sítíìkì kì í pẹ́ rárá. Aṣọ alábẹ́là kì í ṣe ayédèrú, ọ̀pọ̀ adìrẹ tó wà lọ́jà lónìí ló rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ta èyí ni kì í ṣe tirẹ̀, owó orúkọ yẹn ni wọ́n sì gbà lórí rẹ̀.

Aláró wa yìí yí ẹ̀yìn aṣọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Kó tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan, kó ya fọ́tò ìpolówó náà bó ṣe wà, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó yà á. Fọ́tò yẹn ni yóò fi mọ ohun tí àwọn 23 tó ti rà kà kí wọ́n tó sanwó. Lẹ́yìn náà, kó dá títà dúró fún ìwọ̀nba wákàtí tí àtúnṣe yóò gbà. Kó má pa ojú ewé ọjà náà rẹ́ pátápátá, torí ẹni tó ti rà á lè padà wá wò ó, tó bá sì bá a lófìfo, yóò rò pé wọ́n ti sá lọ.

Ọ̀nà tó yá jù ni pé kó yọ "ẹlẹ́kọ" àti "ẹlú" kúrò, kó fi "alábẹ́là" àti "aró pàùdà" rọ́pò, kó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti di òótọ́ fún ẹni tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á lóṣù tó kọjá ò mọ nǹkan kan. Bó bá ṣèèṣì padà wá wo ojú ewé náà, yóò rò pé ojú òun ló tàn òun jẹ nígbà yẹn, tàbí pé wọ́n ti gbé aṣọ mìíràn síbẹ̀.

Èyí tó tún burú ju ìdákẹ́jẹ́ lọ, tí àwọn olóòótọ́ pàápàá sì ń kó sí, ni irú àkíyèsí báyìí: "Àtúnṣe: adìrẹ yìí ti di alábẹ́là báyìí." Inú rere ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ẹni tó ti rà kà á. "Ti di" ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oníbàárà àtijọ́ yóò mí kanlẹ̀, yóò ní ẹlẹ́kọ gidi ni tòun, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà ló máa gba alábẹ́là. Ó tiẹ̀ lè tún tiẹ̀ tà lówó ẹlẹ́kọ. Àkíyèsí tó yẹ kó tú irọ́ náà ti wá so ó le. "Tuntun" àti "láti ìsinsìnyí lọ" náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ àwọn tó ń tajà pé kí wọ́n yẹra fún wọn níbi tó bá jẹ́ pé ọjà kò yí padà.

Ohun tí àkíyèsí gbọ́dọ̀ sọ ni ohun tí a kọ tẹ́lẹ̀, ohun tó jẹ́ òótọ́, àwọn tó kàn, àti ohun tí wọ́n lè ṣe. Èyí tí èmi yóò kọ fún aláró wa nìyí:

"Àtúnṣe ọ̀rọ̀, 14 oṣù kẹta. Ṣáájú ọjọ́ yìí, a kọ ọ́ síbí pé adìrẹ ẹlẹ́kọ aláró ẹlú ni. A ṣì í kọ ni. Alábẹ́là aláró pàùdà ni gbogbo aṣọ tí a ti ń tà lábẹ́ àwòrán yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ náà kò yí padà. Bí ẹ bá rà á ṣáájú 14 oṣù kẹta, irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè dá a padà kí ẹ gba owó yín, tàbí kí ẹ mú un dání kí a dá 4,000 náírà padà fún yín. Ẹ kọ̀wé sí wa kó tó di 14 oṣù kẹrin."

Ọjọ́ tí oníbàárà ra aṣọ ni mo fi ya àwọn tó kàn sọ́tọ̀, torí ọjọ́ yẹn wà lórí rísíìtì oníkálukú. 4,000 náírà yẹn jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín 15,000 àti 11,000 tó kọ síwájú aṣọ náà báyìí. Ẹni tó ń bọ̀ náà kò ní dààmú, nítorí pé ìsàlẹ̀ àpèjúwe ni àkíyèsí wà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ kà lókè, kò sì ní láti ka ìtàn kó tó mọ ohun tó fẹ́ rà.

Ṣùgbọ́n ojú ewé kan kọ́ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ń gbé. Ó wà nínú àkọlé, ó wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ aṣọ, ó lè wà lára fọ́tò fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti tẹ "Ẹlẹ́kọ" gàdàgbà sí igun. Àtúnṣe ojú ewé kò kan fọ́tò. Lórí Wáàsáàpù, ìṣẹ́jú 15 péré ni èèyàn ní láti tún iṣẹ́ tó ti fi ránṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kó tún fi òmíràn ránṣẹ́, èyí tí wọ́n sì ti gbà tí wọ́n fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kó dúró de pé kí àwọn 23 náà wá rí àkíyèsí. Kó kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà. Bí mẹ́ta nínú wọn bá ti sanwó tí aṣọ wọn kò sì tíì kúrò ní Ìtòkú, àwọn yẹn ni kó kọ́kọ́ pè, kó sì gba ìdáhùn wọn kó tó di ẹrù.

Àwọn ọjà kan tiẹ̀ ti sọ ọ́ di òfin. Lórí eBay, bí ẹnìkan bá ti dá owó lé ọjà gbàǹjo, olùtajà kò lè pa àpèjúwe àkọ́kọ́ rẹ́ mọ́, àfikún nìkan ló lè ṣe. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ka fífi àpèjúwe tan oníbàárà jẹ léèwọ̀.

Ó ku ibì kan tó máa ń bá àwọn èèyàn lójijì. Lóṣù karùn-ún, aláró wa rí ẹlẹ́kọ gidi 20 gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Ojú ewé àtijọ́ ti ní ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sì ń wù ú láti gbé wọn síbẹ̀. Kó má ṣe é. Bí "ẹlẹ́kọ" bá padà sábẹ́ àwòrán yẹn, ẹni tó gba 4,000 náírà padà kò ní mọ èwo ni tiẹ̀ mọ́. Kó ṣí ojú ewé tuntun fún 20 yẹn, pẹ̀lú fọ́tò iwájú àti ti ẹ̀yìn aṣọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò lè wò ó.